Ààrò Ìyá Oníbúrẹ́dì: Sítáà Ni Àbí Dẹ́lítà?

Ìyá oníbúrẹ́dì kan ló pè mí. Élímẹ́ǹtì mẹ́ta ló wà nínú ààrò rẹ̀, iná tírí-fésì ló sì ń gbé e. Oníná kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí tuntun, kò sì pé ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀kan fi já. "Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi," ni ìyá ń wí.

Mo fi mítà ẹlẹ́mùú gbá wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń wọ ààrò mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì ka áńpíà 17, ìkẹta ka 30. Kí n tó ṣí ìdérí rárá ni mo ti mọ̀ pé dẹ́lítà ni wọ́n so ó. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀.

Élímẹ́ǹtì mẹ́ta, etí mẹ́fà, ọ̀nà méjì la sì lè gbà so wọ́n: sítáà àti dẹ́lítà. Nínú sítáà, a ó kó etí mẹ́ta pọ̀ sójú kan, a ó sì fún mẹ́ta yòókù ní láìnì kọ̀ọ̀kan. Nínú dẹ́lítà, ìdí ọ̀kan la ó so mọ́ orí èkejì títí wọn yóò fi yíká, oríkèé kọ̀ọ̀kan ni láìnì sì ń wọ̀. Èyí ni pé élímẹ́ǹtì dẹ́lítà dúró sáàárín láìnì méjì gbáko.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń kó àwọn ọmọṣẹ́ lọ́kàn rú. Lójú pópó, wáyà òpó là ń pè ní fésì. Bí a bá ń ṣírò, láìnì la ń pe ìyẹn. Fésì ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú élímẹ́ǹtì kan ṣoṣo.

Láàárín láìnì méjì lọ́dọ̀ wa, fóòtì 415 ni. Láìnì kan sí níútírà, ìyẹn wáyà kẹrin tí iná ń gbà padà, 240. Kí ló dé tí 240 méjì kò fi di 480? Ẹ wo obìnrin mẹ́ta tó ń gúnyán nínú odó kan: ọmọ odó wọn kì í balẹ̀ pọ̀. Nígbà tí tẹni kan bá wà lókè pátápátá, tèkejì kò tíì dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Nítorí náà àlàfo àárín wọn kì í tó ìlọ́po méjì, 1.732 péré ló ń jẹ́. 240 lọ́nà 1.732, 415 nìyẹn.

Óòmù 24 ni élímẹ́ǹtì ìyá kọ̀ọ̀kan, fóòtì 240 ni wọ́n sì kọ sí i lára. Ká ní sítáà ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ì bá rí 240 rẹ̀, ì bá sì gba áńpíà 10. Ohun tó gba inú élímẹ́ǹtì náà ló gba láìnì, nítorí ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ kìlówáàtì 7.2. Níwọ̀n bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣe dọ́gba, níútírà kò ní nǹkan kan láti gbé.

Nínú dẹ́lítà, fóòtì 415 ló kọlu élímẹ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún 240. Áńpíà 17.3 ń gba inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láìnì kan ń bọ́ élímẹ́ǹtì méjì, àmọ́ àwọn náà kì í dé òkè pọ̀, torí náà 17.3 lọ́nà 1.732 ni láìnì ń gbé: áńpíà 30. Kìlówáàtì 21.5, ìlọ́po mẹ́ta gééré. Bíréékà rẹ̀, 32 ni, ìdí nìyẹn tí kò fi já.

Nígbà tí ọ̀kan wá já, láìnì tó ṣì ń bọ́ méjì dúró sí 30. Àwọn méjì yòókù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kàn ń bọ́ ẹyọ kan, di 17.3. Ká ní sítáà ni, láìnì kan ì bá ka òfo: tó bá ní níútírà, méjì yòókù á dúró sí 10, tí kò bá ní, wọ́n á fà wálẹ̀ sí nǹkan bíi 8.6, nítorí àwọn méjèèjì ló ń pín 415 jẹ.

Mo pààrọ̀ èyí tó já, mo tú u, mo so ó ní sítáà. Láìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ka 10. Lọ́jọ́ kejì ìyá ní ààrò ti ń lọ́ra jù, pé ti àkọ́kọ́ yára. Mo ní, "Ìyá, iná ààrò mẹ́ta lẹ fi ń dá ẹyọ kan."

Ó wá bi mí bóyá òun lè ra èyí tí wọ́n kọ 415 sí. Ó ṣeé ṣe, dẹ́lítà lèmi ì bá sì so ó nígbà náà. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà, óòmù 72 ni yóò jẹ́: áńpíà 5.8 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 10 lórí láìnì. Mítà tó bá dúró síta kò ní í mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí sítáà tó wà níbẹ̀ báyìí.