Bí Wọ́n Ṣe Ń Yan Oògùn fún Kándídà Inú Ẹ̀jẹ̀ ní Ẹ̀ka Ìtọ́jú Àkànṣe

Ìpè kan láti yàrá àyẹ̀wò ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ìgò tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sí ti fi hàn pé nǹkan ẹlẹ́mìí kan ń dàgbà nínú rẹ̀. Onímọ̀ àyẹ̀wò kán díẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó pa á láró, ó sì rí àwọn hóró roboto tí hóró kékeré ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bí èéhù ṣe ń yọ lára iṣu. Ìwúkàrà ni, kì í ṣe bakitéríà. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó wà ní ẹ̀ka ìtọ́jú àkànṣe, Kándídà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n irú Kándídà wo ni? Ó lè tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, ó sì tún lè pẹ́ díẹ̀ sí i kí wọ́n tó mọ oògùn tó lè kápá rẹ̀. Dókítà kò lè fi ọwọ́ lẹ́rán títí di ìgbà yẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yan oògùn lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kínní nígbà tí wọn kò tíì mọ orúkọ kòkòrò náà, ẹ̀ẹ̀kejì nígbà tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá pa ìpinnu méjèèjì yìí pọ̀ mọ́ra wọn ló máa ń ṣi oògùn yàn.

Ká mú ọkùnrin kan tó wọn 70 kílò, tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun lu ìfun rẹ̀, tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún láti dí ihò náà. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí ibùsùn ìtọ́jú àkànṣe. Wọ́n ti ki rọ́bà bọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ní ọrùn rẹ̀, ibẹ̀ ni oúnjẹ olómi ń gbà wọlé, ó sì ti ń gba oríṣiríṣi oògùn apabakitéríà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé. Inú ìfun ènìyàn ni Kándídà ń gbé láìdá wàhálà sílẹ̀. Àwọn bakitéríà tó yí i ká ni kì í jẹ́ kó pọ̀ jù. Nígbà tí oògùn bá ti pa àwọn yẹn, tí ìfun sì ti lu, ọ̀nà ti là fún un láti bọ́ sí inú ikùn àti inú ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án yìí, ibà tún gbé e, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, oògùn tí ń gbé e ró sì di dandan. Lẹ́yìn náà ni ìpè dé láti yàrá àyẹ̀wò.

Oríṣi oògùn méjì ló wà níwájú dókítà. Flukonásólù kì í jẹ́ kí Kándídà rí ọ̀rá tí ó fi ń mọ awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe. Ó ń dá ìdàgbàsókè rẹ̀ dúró, àwọn ọmọ ogun ara aláìsàn ló sì máa parí iṣẹ́ tó kù. Àwọn ẹkinokándìn, èyí tí kasipofúnjìn, mikafúnjìn àti anidulafúnjìn wà lára wọn, ń dí ẹ́ńsáìmù tí Kándídà fi ń mọ ògiri ìta sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ògiri náà á dẹ̀gẹ̀, omi á rọ́ wọlé, sẹ́ẹ̀lì á sì bẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni oògùn yìí kì í fi í sábà ṣe ara léṣe. Ìyàtọ̀ láàárín dídá dúró àti pípa yìí kò jọ ohun ńlá fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Fún ẹni tí agbára ìjà ara rẹ̀ ti rẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 fi anidulafúnjìn wé flukonásólù lára àwọn aláìsàn 245 tí Kándídà ti wọ inú ara wọn lọ́hùn-ún. Nígbà tí ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ parí, ó ti yọrí sí rere fún ìdá 75.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba anidulafúnjìn, àti fún ìdá 60.2 nínú àwọn tó gba flukonásólù. Ohun tó yẹ kéèyàn tẹjú mọ́ jù níbẹ̀ ni pé Kándídà álíbíkánsì, tí flukonásólù sábà máa ń ràn dáadáa, wà lára ibi tí àlàfo náà ti fẹ̀: ìdá 81.1 sí 62.3. Èyí ń sọ fún wa pé kì í ṣe nítorí ìbẹ̀rù kòkòrò olóríkunkun nìkan ni wọ́n ṣe ń fi ẹkinokándìn ṣáájú. Àmọ́ ó yẹ ká sọ òótọ́ inú ìwádìí náà tán: iye àwọn tó kú kéré díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó gba anidulafúnjìn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò tóbi tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe èèṣì. Nígbà tí wọ́n kó ìwádìí méje pọ̀ ní ọdún 2012, tí aláìsàn inú wọn lé ní 1,900, ni ọ̀rọ̀ ikú wá hàn kedere: iye àwọn tó kú kéré sí i láàárín àwọn tó gba ẹkinokándìn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí láàárín àwọn tí wọ́n yọ rọ́bà inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn.

Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ìpè dé, ọkùnrin wa gba kasipofúnjìn 70 mílígíráàmù nínú dírípù, lẹ́yìn náà 50 mílígíráàmù lójoojúmọ́. Wọ́n yọ rọ́bà ọrùn rẹ̀, wọ́n sì fi tuntun sí ibòmíràn, torí Kándídà máa ń so mọ́ rọ́bà bí ewéedò ṣe ń so mọ́ òkúta odò, oògùn kì í sì í sábà ráyè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì ìtọ́jú yìí ni wọ́n ti ń tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fà fún àyẹ̀wò. Iṣẹ́ tí àwọn kan máa ń fojú di nìyí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tó kọ́kọ́ mọ́ ni wọ́n máa fi ka ọjọ́ ìtọ́jú.

Ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ kejì ṣì ní ìwúkàrà nínú. Ti ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún mọ́. Láàárín àkókò yìí, èsì dé: Kándídà álíbíkánsì ni, flukonásólù sì ràn án. Ní ọjọ́ keje, ibà ti lọ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dúró láìsí ìrànlọ́wọ́, ìfun rẹ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́. Ìpinnu kejì dé nìyí: wọ́n dá kasipofúnjìn dúró, wọ́n sì gbé e sórí flukonásólù 400 mílígíráàmù lójúmọ́. Ó lè gbé e mì, nítorí ìdá tó tó àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún oògùn yìí ló ń gba inú ìfun dé inú ẹ̀jẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé inú dírípù nìkan ni ẹkinokándìn ń gbà wọlé. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n kà láti ọjọ́ kẹrin tí ẹ̀jẹ̀ mọ́, nítorí náà ó lo oògùn títí di ọjọ́ kẹtàdínlógún. Àṣìṣe ni láti fi í sílẹ̀ sórí kasipofúnjìn títí dé òpin torí pé ó ti ń sàn. Ìlò ẹkinokándìn tó gùn láìnídìí ló ń kọ́ Kándídà, pàápàá Kándídà gilabúrátà, bí yóò ṣe yí ẹ́ńsáìmù rẹ̀ padà kí oògùn má baà rí i dì mú mọ́.

Ká ní orúkọ mìíràn ni yàrá àyẹ̀wò mú wá, ìpinnu kejì kò ní rí báyìí. Kándídà kuruséì kì í gbọ́ ti flukonásólù rárá, àbímọ́ ni. Gilabúrátà máa ń fara dà á, nítorí náà wọn kì í sọ̀kalẹ̀ sí flukonásólù àfi tí àyẹ̀wò bá gbà á láyè, ìwọ̀n rẹ̀ á sì tó 800 mílígíráàmù lójúmọ́. Kándídà órísì, tí ayé kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀ láti Japan ní ọdún 2009, sábà máa ń tako flukonásólù, ẹkinokándìn sì ni wọ́n ń gbára lé. Kándídà parapusilósìsì ló yí ọ̀rọ̀ náà po: ẹkinokándìn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un tó bó ṣe ń mú àwọn yòókù, tí àyẹ̀wò bá sì fi hàn pé flukonásólù ràn án, òun ni wọ́n sábà máa ń yàn. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ti ń sàn lórí ẹkinokándìn, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti mọ́, kò pọn dandan kí wọ́n yí i.

Àwọn ibì kan tún wà nínú ara tí ẹkinokándìn kì í dé dáadáa: inú ojú, ọpọlọ, àti ìtọ̀. Flukonásólù ń dé ibẹ̀. Ojú ló lè tanni jẹ jù nínú wọn, torí ẹni tí ẹ̀rọ ń mí fún, tí wọ́n sì ti fi oògùn kùn lóorun, kò lè sọ pé òun kò ríran dáadáa mọ́. Dókítà ojú gbọ́dọ̀ kán oògùn tí ń la ẹyinjú sí i, kó sì wo ẹ̀yìn ojú fúnra rẹ̀. Bí ó bá rí àmì funfun tó rí bí òwú níbẹ̀, ìtọ́jú ti kúrò lórí ẹkinokándìn nìkan nìyẹn, kódà bí ẹ̀jẹ̀ ti mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó dá oògùn lẹ́bi, kí wọ́n kọ́kọ́ wá ibi tí Kándídà sá pamọ́ sí: ilẹ̀kùn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ dídì níbi tí rọ́bà ti wà, tàbí ìkójọ ọyún nínú ikùn tó nílò kí wọ́n fà á jáde.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, flukonásólù ló wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ẹkinokándìn ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n. Ẹni tí kò rí èyí tó dára jù gbọ́dọ̀ lo èyí tó wà bó ṣe yẹ. Ìwọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń ṣì jù. Flukonásólù máa ń pẹ́ nínú ara, nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí ni ìlàjì rẹ̀ fi ń jáde, nítorí náà bí wọ́n bá fi 400 mílígíráàmù bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni yóò lò kó tó kún dé ojú ìwọ̀n. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni aláìsàn kò ní. Mílígíráàmù 12 fún kílò kọ̀ọ̀kan ni ti ọjọ́ kìíní, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 800 fún ọkùnrin wa, lẹ́yìn náà 400 lójúmọ́. Bí kíndìnrín rẹ̀ bá ti rẹ̀yìn, ti ọjọ́ kìíní kò yí padà, èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń dín sí ìlàjì. Bí ẹ̀rọ bá sì ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ẹ̀rọ náà ń fọ flukonásólù jáde pẹ̀lú, wọn kò sì gbọdọ̀ dín in. Ẹni tó bá ń wo ìwé ìtọ́jú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè kọ́kọ́ wo ìlà oògùn ọjọ́ kìíní. Bí ó bá bá 200 níbẹ̀, ó ti mọ ìdí tí ibà náà kò fi tíì lọ.