Àyè ààbò: ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà lójú fídíò kí bọ́tìnnì fóònù má bàa bò ó

Àyè ààbò ni apá ojú fídíò tí bọ́tìnnì ápù kankan kì í gùn lé. Nígbà tí ẹ bá ń tún fídíò ṣe lórí CapCut, gbogbo ojú rẹ̀ ló mọ́ kedere níwájú yín, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ sì lè gbé ọ̀rọ̀ sí ibi tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò wò ó, ápù ti to nǹkan tirẹ̀ lé e lórí. Bí TikTok bá ni, “Following” àti “For You” wà lókè pẹ̀lú àmì ìwákiri. Lápá ọ̀tún ni àwòrán ẹni tó ni fídíò, ọkàn tí wọ́n ń tẹ̀ bí nǹkan bá wù wọ́n, ibi ìdásí-ọ̀rọ̀, ibi ìfipamọ́, ọfà tí wọ́n fi ń fi fídíò ránṣẹ́, àti àwo orin tó ń yí. Nísàlẹ̀ lápá òsì ni orúkọ ẹni tó ni ín, àkọlé tí ó kọ, àti orúkọ orin. Reels ti Instagram àti Shorts ti YouTube kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Kí fóònù tó dé ni irú ìṣòro yìí ti wà. Tẹlifíṣọ̀n onígò ńlá ayé àtijọ́ máa ń gé etí àwòrán pamọ́ sẹ́yìn férémù rẹ̀, nítorí náà àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fi ọ̀rọ̀ sínú ìdá 80 nínú 100 tó wà láàárín. Ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni tẹlifíṣọ̀n gbà ń gé e, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ti fóònù kò dọ́gba rárá. Ìsàlẹ̀ ló ń gba àyè jù, òkè àti apá ọ̀tún tẹ̀lé e, apá òsì kò sì gba nǹkan kan tó pọ̀. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nìyẹn: wọ́n rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ti jìnnà sí etí díẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ó ti bọ́.

Fídíò òòró tí a ń gbé sórí àwọn ápù wọ̀nyí jẹ́ píkísẹ́lì 1080 ní ìbú, 1920 ní gígùn; píkísẹ́lì ni ẹyọ àmì tíńtín tó para pọ̀ di àwòrán. Fún ìpolówó orí Reels, Meta tó ni Instagram ní kí a fi nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 sílẹ̀ lófìfo lókè, ìdá 35 nísàlẹ̀, àti ìdá 6 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ gòkè kọjá píkísẹ́lì 269 láti òkè, kò sì gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ kọjá 1248. Ohun tó kù kò tó ìdajì ojú fídíò. Ẹlòmíràn á ní ó pọ̀ jù, pàápàá nísàlẹ̀, àmọ́ ìsàlẹ̀ ni kò ṣeé fọkàn tán jù. Àkọlé tí ẹ bá kọ sábẹ́ fídíò ló ń pinnu bí ìbòjú yóò ṣe ga tó: bó bá kúrú, ìlà kan ni, bó bá gùn, ó di méjì, tí ẹnikẹ́ni bá sì tẹ̀ ẹ́ kí ó lè ka ìyókù, ó máa gòkè wá bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú fídíò kan wò. Obìnrin kan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ó ya fídíò ibi tí wọ́n ti ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ funfun, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ọwọ́ tó ń ya aṣọ yẹn ló wà láàárín fídíò, òun gan-an sì ni ènìyàn fẹ́ wò. Nítorí kí ọ̀rọ̀ má bàa bo ọwọ́, ó gbé e sísàlẹ̀ pátápátá: “Àdìrẹ ẹlẹ́kọ gidi, ọ̀pá márùn-ún, ₦20,000 péré, ẹ wá bá wa ní Ìtòkú.” Lórí CapCut, ó dára. Nígbà tó gbé e jáde, orúkọ rẹ̀ àti àkọlé gùn lé iye owó náà, “Ìtòkú” sì bọ́ sábẹ́ àwo orin. Ìbéèrè tó kún abẹ́ fídíò náà kò ju ẹyọ kan lọ: “Mà, èló ni?” Lójú tirẹ̀, ó ti kọ èló ni.

Kò yẹ kí ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn sáàárín, torí yóò bo iṣẹ́ ọwọ́ náà. Òkè ló yẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe góńgó òkè. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi píkísẹ́lì 300, ó ti kúrò lábẹ́ “For You”, bí ìlà kejì bá sì parí kí ó tó dé 520, kò ní kan ọwọ́ tó ń ya aṣọ. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀: ọ̀wọ́ bọ́tìnnì apá ọ̀tún kì í bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Láti nǹkan bí àárín ojú fóònù ló ti ń bẹ̀rẹ̀ wá sísàlẹ̀. Nítorí náà ìlà tó wà lókè lè gbòòrò ju èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ní láti fi ọ̀rọ̀ sí ìdajì ìsàlẹ̀, ẹ má ṣe tò ó sí àárín gbùngbùn. Ẹ fà á sápá òsì, kí ẹ sì fi àyè tó tó ọ̀wọ́ bọ́tìnnì náà sílẹ̀ lápá ọ̀tún.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tí àyè yẹn bẹ̀rẹ̀ gan-an lórí ápù tí ẹ ń lò? Ọ̀nà tó dá mi lójú jù ni kí ẹ fi ojú ara yín wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣe àwòrán kan tó jẹ́ 1080 ní ìbú àti 1920 ní gígùn, kí ẹ fa ìlà sí i ní gbogbo ìdá mẹ́wàá, lóròó àti ní ìbú, kí ẹ kọ nọ́ńbà sórí ìlà kọ̀ọ̀kan: 10, 20, 30, títí dé 90. Ẹ sọ ọ́ di fídíò kékeré, ẹ gbé e sórí ápù náà níbi tí ẹlòmíràn tí ẹ kò yàn kò ti ní rí i, kí ẹ kọ àkọlé gígùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá fi àkáǹtì mìíràn ṣí i, nítorí ohun tí ẹni tó ni fídíò ń rí nísàlẹ̀ máa ń yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọn tó ń wò ó. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà. Gbogbo nọ́ńbà tí ẹ kò bá lè kà mọ́ ni ibi tí ọ̀rọ̀ yín kò gbọdọ̀ dé.

Ẹ má da àwòrán yẹn nù. Bí ẹ bá ń tún fídíò mìíràn ṣe ní CapCut, ẹ tẹ “Overlay”, kí ẹ gbé àwòrán náà lé e, ẹ fà á títí etí férémù inú rẹ̀ yóò fi bá etí férémù fídíò yín mu, kí ẹ wá fi “Opacity” dín in kù títí ẹ ó fi máa rí fídíò láti abẹ́ rẹ̀. Ẹ to ọ̀rọ̀ yín sí ibi tó ṣófo, kí ẹ sì pa àwòrán náà rẹ́ kí ẹ tó gbé fídíò jáde. Bí ápù bá yí ojú rẹ̀ padà, bí wọ́n ti máa ń ṣe, ẹ tún fídíò onílà náà gbé sókè, kí ẹ ya àwòrán tuntun.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbi tó yẹ ṣì lè sá lọ kí ènìyàn tó kà á tán. Nínú ìlànà BBC fún ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá 0.33 sí 0.375. Gbólóhùn oníṣòwò wa jẹ́ ọ̀rọ̀ 13, ó ń fẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá 4 lọ, ṣùgbọ́n 2 péré ló fún un. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ìṣirò yẹn, ọ̀rọ̀ Yorùbá sì kúrú jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà èmi a máa fi ẹnu dán an wò: kí ẹ ka ọ̀rọ̀ náà sókè lẹ́ẹ̀mejì láìsáré, kí ó tó kúrò lójú fídíò. Èyí tí kò bá gba kíkà méjì, ẹ gé e kúrú. Tirẹ̀ di méjì: “Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọ̀pá 5” kọ́kọ́ jáde, ó kúrò, “₦20,000” àti “Ìtòkú, Abẹ́òkúta” wá gba ipò rẹ̀ ní ibì kan náà gan-an. Ibì kan náà ṣe pàtàkì, nítorí ojú tó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà kò ní máa wá a kiri.

Àdìrẹ tún ní wàhálà tirẹ̀. Funfun àti aró dúdú ló dà pọ̀ lára aṣọ náà, tí lẹ́tà funfun bá wọ ibi funfun, ó pòórá, tí lẹ́tà dúdú bá wọ ibi aró, ó pòórá náà. Àfi kí ẹ fi àpótí aláwọ̀ kan ṣoṣo sẹ́yìn ọ̀rọ̀. Àpótí yẹn pẹ̀lú gbọ́dọ̀ wà nínú àyè ààbò, torí ó máa ń fẹ̀ ju lẹ́tà lọ. Ní ti títóbi lẹ́tà, ẹ rántí pé ojú fóònù kò fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 lọ. Lẹ́tà tó ga tó píkísẹ́lì 60 nínú fídíò kò ní tó mílímítà 4 lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó. Èmi kì í lọ sísàlẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Àwa tí a ń kọ Yorùbá tún gbọ́dọ̀ wo òkè àti abẹ́ lẹ́tà. Nínú “Abẹ́òkúta”, ẹ́ ní àmì ohùn lórí, ó sì ní àmì kékeré lábẹ́. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ọ̀ṣọ́ inú ápù kò ní àyè fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: àmì ohùn á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí lẹ́tà yẹn nìkan yí padà sí fọ́ǹtì mìíràn láàárín ọ̀rọ̀. Bí ìlà méjì bá sì sún mọ́ra jù, àmì abẹ́ lẹ́tà ìlà òkè á kan àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀, ẹni tó ń kà á kíákíá kò ní mọ èwo ni ti èwo. Ẹ kọ “ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ” sójú fídíò kí ẹ tó yan fọ́ǹtì. Noto Sans máa ń gbé gbogbo wọn dáadáa, bí ápù yín bá gbà yín láyè láti fi fọ́ǹtì tiyín sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kún àyè àárín ìlà títí àmì kankan kò fi ní kan èkejì mọ́.

Nǹkan méjì ṣì lè ba àyè tí ẹ ti wọ̀n jẹ́. Instagram lè gé Reels kúrú nígbà tó bá ń fi hàn láàárín àwọn àwòrán mìíràn, débi pé 1350 péré nínú gígùn 1920 ló kù, ìyẹn ni pé 285 lọ lókè, 285 lọ nísàlẹ̀. Ìlà oníṣòwò wa tó bẹ̀rẹ̀ ní 300 ṣì bọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n píkísẹ́lì 15 péré ló fi bọ́, àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè má bọ́. Ẹ̀kejì ni owó ìpolówó. Ní kété tí ẹ bá sanwó kí fídíò lè dé ọ̀dọ̀ ènìyàn púpọ̀, bọ́tìnnì tuntun á yọ nísàlẹ̀, irú èyí tí wọ́n kọ “Shop now” tàbí “Send message” sí, àkọlé yín á sì gòkè díẹ̀ sí i. Fídíò tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé kà dáadáa lánàá lè di èyí tí bọ́tìnnì bò lónìí láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, nítorí náà kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ ti wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kan wà nísàlẹ̀ 1248.