Ọrùn ọwọ́ àbí apá: ibi tí nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń yàtọ̀

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ láti fi wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fúyẹ́, ó ṣeé kì bọ àpò, èèyàn ò sì ní láti ká ọwọ́ aṣọ sókè kó tó lò ó. Síbẹ̀, ẹ̀rọ apá ni àwọn onímọ̀ nípa àrùn ọkàn ń ní kí àwọn èèyàn máa lò nílé.

Ọ̀nà kan náà ni méjèèjì ń gbà ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ á kún inú ìdè tí wọ́n so mọ́ ọwọ́, ìdè á fún iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, ẹ̀rọ á sì máa ka bí iṣan náà ṣe ń mì lábẹ́ ìdè ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù. Ibi tí mímì náà ti lágbára jù ni ẹ̀rọ fi ń mọ ìfúnpá tó wà láàárín. Nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ tí a ń rí lójú rẹ̀, ìṣirò ló fi ń yọ wọ́n. Ohunkóhun tó bá da mímì yẹn rú, ìṣirò náà ló dà rú.

Ohun tó ń da ti ọrùn ọwọ́ rú jù ni ibi tí ọwọ́ wà. Ilé alájà tí tánkì omi wà lórí rẹ̀ jọ ọ́: omi ẹnu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ máa ń tú jáde tagbára tagbára ju ti òkè lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ṣe rí. Bí ibi tí a ti wọ̀n ọ́n bá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá rẹlẹ̀ sí ọkàn, nọ́ńbà á fi bíi 8 mmHg ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá ga ju ọkàn lọ, nọ́ńbà á wálẹ̀. Apá kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro yìí, nítorí ẹ̀gbẹ́ ọkàn ló wà fúnra rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ní tirẹ̀ lè wà lórí itan, lórí tábìlì, tàbí kó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

Ká ní màmá kan wà tí ìfúnpá rẹ̀ gan-an jẹ́ 128/80. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan, ẹ̀rọ sì wà ní nǹkan bíi ogún sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀ ọkàn rẹ̀. Ohun tó máa rí ò ní jìnnà sí 143/95. Nílé, 135/85 ni wọ́n ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí náà màmá ti di aláìsàn lórí ìjókòó. Bí dókítà bá fi nọ́ńbà yìí kún oògùn rẹ̀, òòyì lè máa kọ́ ọ nígbà tó bá dìde. Òdìkejì rẹ̀ tún burú jù, lójú tèmi: ẹni tó gbé ọwọ́ sókè jù lè rí nọ́ńbà tó tuni lára, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì máa ru lọ.

Kódà bí ọwọ́ bá wà ní déédéé àyà, ìyókù ṣì wà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ló gba ọrùn ọwọ́ kọjá, wọ́n kéré, egungun àti okùn iṣan sì yí wọn ká. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ díẹ̀, tàbí tí ìka ń mira, ìdè ò ní fún wọn bó ṣe yẹ. Ní apá, iṣan ńlá kan ṣoṣo ni ìdè ń fún mọ́ egungun kan.

Nítorí èyí, ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti le, bíi àgbàlagbà tàbí ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ń bá jà fún ọdún púpọ̀, kò yẹ kó gbára lé ti ọrùn ọwọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò ní rí nọ́ńbà gidi, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ìka rẹ̀ dáadáa náà kò ní rí i. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège á rí i pé nọ́ńbà kan ò bá ìkejì mu. Ẹ̀rọ apá pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kó ro wọ́n pọ̀, kó sì pín in sí mẹ́ta. Aláboyún nílò ẹ̀rọ apá tí wọ́n ti dán wò lára aláboyún, torí pé ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè yára le koko, ẹ̀rọ tí kò péye sì lè fi í pamọ́. Ọwọ́ tí wọ́n ti so iṣan pọ̀ sí fún fífọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín, ẹ má ṣe so ìdè kankan mọ́ ọn, ì báà jẹ́ apá, ì báà jẹ́ ọrùn ọwọ́.

Àwọn kan wà tí ti ọrùn ọwọ́ wúlò fún: ẹni tí apá rẹ̀ tóbi débi pé ìdè tó tóbi jù lọ́jà ò yí i ká, nítorí ìdè tó kéré jù fún apá náà ń gbé nọ́ńbà sókè. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì, kó fi ìrọ̀rí gbé ọrùn ọwọ́ dé déédéé àárín àyà, kó na ọwọ́ gbọọrọ láìtẹ̀ ẹ́, kó má sì sọ̀rọ̀. Kó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n fi wé tiwọn. Bí ìyàtọ̀ bá ń ju 10 lọ léraléra, kò tọ́ láti fi nọ́ńbà rẹ̀ pinnu oògùn. Kó sì máa kọ "ọrùn ọwọ́" sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀, kí dókítà lè mọ ibi tó ti wá.