Bí a ṣe ń yí àwọ̀ ojú padà nínú fọ́tò tí ojú náà ò fi ní kú

Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò ìyàwó kan: gèlè pupa lórí, ó yíjú díẹ̀ sí fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ sì dúdú bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa. Oníbàárà fẹ́ kí ojú náà di aláwọ̀ oyin. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó ń tún fọ́tò ṣe ni pé kó mú bírọ́ọ̀ṣì, kó fi àwọ̀ oyin kun ibẹ̀, kó wá dín agbára àwọ̀ náà kù sí 60% kó má baà le jù. Àwọ̀ yóò yí padà lóòótọ́, àmọ́ ojú yóò kú. Yóò rí bíi ti ọmọlangidi, tí wọ́n fi ọ̀dà kun ojú rẹ̀.

Ká tó mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ ká wo ojú gan-an nítòsí. Ọmọlójú ló wà láàárín, ihò dúdú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Òrùka aláwọ̀ kan ló yí i ká, òun sì ni gbogbo èèyàn ń wò tí wọ́n bá ní ojú ẹnìkan dúdú tàbí ó pọ́n bí oyin. Òrùka yìí kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo. Fọ́nrán tín-ín-rín ló kún inú rẹ̀, wọ́n nà láti ọmọlójú lọ sí etí bí irin agbòòrùn ṣe ń nà láti àárín. Àwọn kan mọ́lẹ̀ ju àwọn kan lọ, etí òrùka náà níta sì máa ń dúdú ju inú rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ kékeré àárín fọ́nrán kan sí èkejì ló ń jẹ́ ká rí i pé ojú jìn.

Kókó iná funfun tó ń tàn nínú ojú wá yàtọ̀ pátápátá. Kò sí lára òrùka yẹn rárá. Awọ kan wà níwájú ẹyinjú tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ara rẹ̀ ni fèrèsé tàbí iná sítúdíò ti hàn bí ẹni wo dígí. Nítorí náà, àwọ̀ fèrèsé ni kókó iná ń gbé, kì í ṣe àwọ̀ ojú. Bí ojú bá di aláwọ̀ oyin, tí ó di aláwọ̀ ewé, kókó iná kò gbọdọ̀ yí padà. Ẹni tó bá ń wo fọ́tò lè má mọ òfin yìí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi máa ń sọ pé nǹkan kan ò ṣe déédéé láìlè tọ́ka sí i.

Nínú kọ̀ǹpútà, ìmọ́lẹ̀ ibi kọ̀ọ̀kan nínú fọ́tò ní nọ́ńbà, láti 0 tó jẹ́ dúdú kirikiri títí dé 255 tó jẹ́ funfun báláú. Ká ní nínú fọ́tò ìyàwó wa, fọ́nrán tó dúdú jù jẹ́ 45, èyí tó mọ́lẹ̀ jù jẹ́ 90, kókó iná jẹ́ 250, ọmọlójú sì jẹ́ 12. Ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ oyin tí wọ́n fi kùn ún jẹ́ nǹkan bíi 148. Tí a bá kùn ún ní 60%, ìdá 40 péré nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nísàlẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Ìyàtọ̀ 45 tó wà láàárín fọ́nrán méjèèjì di 18. Kókó iná já wálẹ̀ láti 250 sí 189, ó di eérú. Ọmọlójú gòkè láti 12 sí nǹkan bíi 94, kò dúdú mọ́. Nọ́ńbà mẹ́ta yìí ni ikú ojú náà.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé ká ya àwọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ́lẹ̀. Nínú Photoshop, ìpele àwọ̀ kan tí a ń tẹ́ sórí fọ́tò, tó ń jẹ́ Solid Color, la máa ń lò, a ó sì yí ọ̀nà tó fi ń dàpọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ láti Normal sí Color. Nínú GIMP, LCh Color ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìpele tó bá wà ní Color yóò mú àwọ̀ láti òkè, yóò sì fi ìmọ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Báyìí ni Photoshop ṣe ń wọn ìmọ́lẹ̀ náà, tí R jẹ́ pupa, tí G jẹ́ àwọ̀ ewé, tí B sì jẹ́ búlúù:

```
0.30 × R + 0.59 × G + 0.11 × B
```

Ìyàtọ̀ 45 àárín àwọn fọ́nrán dúró digbí. Ẹ ó wá bo gbogbo ìpele náà pẹ̀lú ìbòjú dúdú, èyí tí Photoshop ń pè ní Layer Mask, kí ẹ sì fi bírọ́ọ̀ṣì funfun tí etí rẹ̀ rọ̀ ṣí i ní orí òrùka ojú nìkan. Ẹ fi ọmọlójú sílẹ̀. Ẹ má sì kun án dé òpin etí níta, torí òrùka dúdú tó wà níbẹ̀ ló so ojú mọ́ funfun rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń rẹ̀wẹ̀sì, torí pé wọn kì í rí ìyípadà kankan tó tó nǹkan. Ẹ wo ibì kan nínú òrùka náà tí R, G àti B rẹ̀ jẹ́ 92, 58, 36. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 66. Àwọ̀ oyin wa jẹ́ 196, 140, 58. Tí Color bá fi àwọ̀ oyin yìí sórí ìmọ́lẹ̀ 66, ohun tó ń jáde ni nǹkan bíi 101, 60, 0. Kò tíì kúrò ní àwọ̀ igi. Ó bọ́gbọ́n mu: oyin tó wà nínú òkùnkùn kì í jọ oyin. Àṣìṣe tó ń tẹ̀ lé e ni pé kí èèyàn bínú, kó padà sí Normal, kó sì tún ojú pa.

Ohun tó yẹ ni ká kọ́kọ́ gbé ìmọ́lẹ̀ òrùka náà sókè, lábẹ́ ìpele àwọ̀, pẹ̀lú Curves, ìyẹn ìlà tí a ń fà láti yí ìmọ́lẹ̀ padà, tó ní irú ìbòjú kan náà. Gbígbé e sókè yìí ló gba sùúrù jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Tí èèyàn bá kàn fa ìlà náà sókè láàárín, yóò fa kókó iná àti àwọn ibi dúdú pẹ̀lú. Nítorí náà, a máa ń kan ìlà náà mọ́lẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì kó má lè mì: 20 dúró ní 20, 200 dúró ní 200. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé 65 lọ sí 95, kí ẹ sì gbé 90 lọ sí 130. Níbi tí ìlà náà bá ti dúró ṣánṣán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyàtọ̀ àárín fọ́nrán ń pọ̀ sí i. Àárín 65 sí 90 jẹ́ 25 tẹ́lẹ̀, ó ti di 35 báyìí. Fọ́nrán náà wá hàn ju bí kámẹ́rà ṣe rí i lọ, láì jẹ́ pé a ya ohunkóhun kún un. Tí a bá wá gbé àwọ̀ oyin lé ìmọ́lẹ̀ 95, ó di nǹkan bíi 143, 87, 5. Oyin dé nìyẹn.

Ó ku kókó iná. Ọ̀pọ̀ gbàgbọ́ pé Color kò lè ba funfun jẹ́, òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àárín kókó iná tó jẹ́ 250 yóò di 255, 249, 241, kò sẹ́ni tó máa rí i. Etí rẹ̀ ni wàhálà wà. Etí kókó iná kì í gé ṣáká, ó máa ń rọ lọ díẹ̀díẹ̀ sínú òrùka, ibẹ̀ sì lè jẹ́ eérú tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 200. Tí Color bá kàn án, ó di 248, 192, 110, ọsàn gidi. Òrùka ọsàn tẹ́ẹ́rẹ́ yóò yí kókó iná ká. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wò nínú fọ́tò ẹlòmíì nìyẹn.

Blend If ló ń yanjú rẹ̀. Ẹ tẹ ìpele àwọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí Layer Style ṣí. Nísàlẹ̀, lábẹ́ Underlying Layer, ẹ fa ọfà funfun wá sí apá òsì títí dé 200. Ẹ wá di Alt mú, kí ẹ fa ìdajì ọfà náà dé 150. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ bá ju 200 lọ, àwọ̀ kò ní dé ibẹ̀ rárá. Láàárín 150 sí 200, yóò máa rọ lọ. Fọ́nrán wa tó mọ́lẹ̀ jù dúró ní 130 lẹ́yìn Curves, nítorí náà kò sí fọ́nrán tó máa pàdánù àwọ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́ dáadáa fún ojú tó ti mọ́lẹ̀ láti ilẹ̀, torí fọ́nrán ibẹ̀ lè mọ́lẹ̀ tó etí kókó iná. Fún irú ojú bẹ́ẹ̀, ọwọ́ lèèyàn máa fi bo kókó iná nínú ìbòjú, bírọ́ọ̀ṣì kékeré, fọ́tò ní 300%.

Ohun kan ṣì lè mú ojú pẹlẹbẹ kódà tí ìmọ́lẹ̀ bá pé: kí gbogbo òrùka jẹ́ oyin kan náà. Colorize tó wà nínú Hue/Saturation máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pátápátá, èmi kì í lò ó fún ojú. Ẹ dín ìpele àwọ̀ kù sí nǹkan bíi 70%, kí àwọ̀ àbínibí ojú náà lè máa yọ díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ tún lè ṣe ìpele kejì ní 170, 100, 50, tó súnmọ́ pupa díẹ̀, kí ẹ sì ṣí i ní ìtòsí ọmọlójú nìkan. Ojú tòótọ́ kì í sábà ní àwọ̀ kan náà láti àárín dé etí.

Láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà yege, ẹ fi Solid Color eérú kan sórí gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì yí i sí Color. Gbogbo fọ́tò yóò di dúdú àti funfun. Ẹ wá pa ìpele oyin, ẹ tún tàn án. Tí ohunkóhun bá mì nínú ojú náà, a jẹ́ pé ibì kan ṣì wà ní Normal. Ẹ yọ eérú náà kúrò, kí ẹ wá wo etí kókó iná ní 300% bóyá ọsàn wà níbẹ̀.

Fọ́tò míì wà tí kò yẹ kéèyàn gbà. Tí WhatsApp bá ti fún un pọ̀ débi pé òrùka ojú ò fẹ̀ ju píkísẹ́lì 30 lọ, kò sí fọ́nrán kankan níbẹ̀ tí Curves máa gbé jáde. Àbàwọ́n ló máa gbé jáde. Ẹ béèrè fáìlì tó ti inú kámẹ́rà wá. Sísọ ojú dúdú di búlúù náà le ju bí oníbàárà ṣe rò lọ. Kò sí ọ̀dà búlúù nínú ojú búlúù. Ọ̀dà dúdú ló kéré nínú rẹ̀, fọ́nrán rẹ̀ sì máa ń hàn kedere. Nínú ojú dúdú, ọ̀dà yẹn ti bo púpọ̀ nínú fọ́nrán mọ́lẹ̀. Oyin ṣì wà nítòsí, búlúù jìnnà.

Tí ẹ bá parí ojú kan, ẹ má ṣe da nọ́ńbà rẹ̀ kọ sí èkejì. Ojú ìyàwó wa tó jìnnà sí fèrèsé wà lábẹ́ òjìji imú, fọ́nrán rẹ̀ lè jẹ́ 30 sí 60. Ẹ gbé e sókè níwọ̀nba, kó máa dúdú ju èkejì lọ bí òjìji náà ṣe fẹ́. Ìpéǹpéjú òkè náà máa ń ju òjìji sórí òrùka méjèèjì. Níbẹ̀, ẹ fi bírọ́ọ̀ṣì dúdú tó fẹ́lẹ́ bo ìbòjú Curves padà díẹ̀.