Ibi tí kọ́bọ̀ ń sá gbà: fúlóòtì, dẹ́símà àti àpapọ̀ owó tí kò péye

Tí èèyàn bá fi owó tó wà láàárín ₦5,001 sí ₦50,000 ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí òmíràn ní Nàìjíríà, ₦25 ni owó iṣẹ́ tó wà nínú ìlànà tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2020. Owó-orí ọjà, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tún máa ń gun orí rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ₦1.875. Wọ́n á wá sún àpapọ̀ rẹ̀ sí kọ́bọ̀ tó sún mọ́ ọn, òun ni àlátì fi máa ń gbé ₦26.88 wá.

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ń kó owó iṣẹ́ yìí jọ sínú àpapọ̀ kan nínú dátábéèsì PostgreSQL, tí ẹni tó ṣètò rẹ̀ sì fi `real` ṣe irú òpó tí àpapọ̀ náà wà. Fúlóòtì oníbíìtì 32 ni `real`, ìyẹn irú nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń tọ́jú iye tó ní ìdá. Àpapọ̀ ti dé ₦150,000 géérégé. Èèyàn kan fi owó ránṣẹ́, ₦26.88 kún un. Ó yẹ kó di 150026.88, ṣùgbọ́n 150026.875 ni ẹ̀rọ tọ́jú. Ẹlòmíràn tún fi owó ránṣẹ́, ó di 150053.75 dípò 150053.76. Kọ́bọ̀ kan ti lọ. Nígbà tí irú rẹ̀ bá fi pé ẹgbẹ̀rún kan, 176875 ló máa wà níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé 176880 ló yẹ. Náírà márùn-ún ti dàwátì, ẹnikẹ́ni ò sì jí i.

Ohun tó fà á ni pé ìpín méjì-méjì ni fúlóòtì fi ń kọ ohun tó bá kéré sí ẹyọ kan. Ìdajì, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́jọ, títí lọ bẹ́ẹ̀. Iye tí a bá lè fi irú ìdá wọ̀nyí tò pọ̀ máa ń wọlé láìyẹ̀. Ìdá mẹ́wàá kò ṣeé tò pọ̀ bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí a tò ó pẹ́ tó. Nínú gbogbo kọ́bọ̀ láti 0 dé 99, mẹ́rin péré ni fúlóòtì lè kọ bó ṣe rí gan-an: 0, 25, 50 àti 75. Àwọn mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún tó kù, iye tó sún mọ́ wọn ló ń kọ.

Èyí nìkan kọ́ ló jẹ náírà márùn-ún yẹn. Àwọn nọ́ńbà tí fúlóòtì lè kọ dà bí àkàbà tí àlàfo àárín ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ ń fẹ̀ sí i bí a ṣe ń gòkè. Bíìtì 24 péré ni `real` ní fún àwọn dígíìtì rẹ̀. Nígbà tí iye owó bá ti kọjá ₦131,072, àlàfo láti ìtẹ̀sẹ̀ kan sí èkejì ti di 1/64 náírà, ìyẹn 0.015625, ó sì ti ju kọ́bọ̀ kan lọ. Láti fi ₦26.88 kún un, ìtẹ̀sẹ̀ 1,720.32 la nílò. Kò sí ìdá ìtẹ̀sẹ̀, nítorí náà 1,720 ni ẹ̀rọ gùn, ìyẹn 26.875. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ṣe nígbà tó ń bọ̀, àti nígbà tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àṣìṣe tó ń lọ sókè àti èyí tó ń lọ sísàlẹ̀ máa pa ara wọn rẹ́. Nígbà tó jẹ́ iye kan náà ni à ń fi kún un lójoojúmọ́, ibì kan náà ni gbogbo àṣìṣe ń forí lé. Nígbà tí àpapọ̀ bá wá kọjá ₦2,097,152, àlàfo ti di kọ́bọ̀ 25, ₦26.88 kọ̀ọ̀kan á sì máa wọlé bíi ₦27.00. Ìwé tó ti ń dín tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lé, èyí sì lè da orí ẹni tó ń yẹ ìwé wò rú gan-an.

Àwọn kan á ní kí a lo fúlóòtì oníbíìtì 64, `double precision`. Lóòótọ́, àlàfo tirẹ̀ kéré débi pé àpapọ̀ irú èyí kò ní yẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ìdá mẹ́wàá kò tíì wọlé síbẹ̀, ibòmíràn ló sì ti ń yọjú. Paystack, fún àpẹẹrẹ, kọ́bọ̀ ló ń gbà, kì í gba náírà, nítorí náà a ní láti sọ iye owó di ìlọ́po 100:

```python
>>> 19.99 * 100
1998.9999999999998
>>> int(19.99 * 100)
1998
>>> 1.10 + 2.20 == 3.30
False
```

`int` gé ìdá tó kù dànù, oníbàárà san kọ́bọ̀ kan dín. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn gan-an ló burú jù lójú tèmi, torí pé ètò tó ń béèrè bóyá owó tí wọ́n san bá gbèsè mu lè sọ pé kò bá a mu, nígbà tí ẹni náà ti san án pé.

Dẹ́símà kò pín nǹkan ní méjì-méjì. Ó ń tọ́jú àwọn dígíìtì bí a ṣe ń kọ wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, pẹ̀lú ibi tí àmì ìdá wà. Ní PostgreSQL, `numeric(14,2)` ló ń ṣe é: dígíìtì 14, méjì nínú wọn lẹ́yìn àmì ìdá. Nínú Python, `Decimal` ni, ṣùgbọ́n inú àmì ọ̀rọ̀ la gbọ́dọ̀ kọ iye rẹ̀ sí. Tí a bá kọ ọ́ ní ìhòòhò, ó ti di fúlóòtì kí dẹ́símà tó rí i:

```python
>>> from decimal import Decimal
>>> Decimal("0.1")
Decimal('0.1')
>>> Decimal(0.1)
Decimal('0.1000000000000000055511151231257827021181583404541015625')
```

Ọ̀nà kejì ni ká kọ gbogbo owó bí odidi kọ́bọ̀. Ó dára, ó sì yá, àfi ká rántí pé sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Benin àti Togo kò ní ìdá lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ìlọ́po 100 bíi náírà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń retí odidi sẹ́fà, ti gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Ìyàtọ̀ kan wà tí dẹ́símà kò lè wò sàn. Ká ní ọjà mẹ́ta wà lórí rìsíìtì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦1,250.50. Owó-orí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦93.7875, tí a sún sí ₦93.79, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦281.37. Bí a bá kọ́kọ́ ro ọjà pọ̀, ₦281.3625 ni owó-orí wọn, tí a sún sí ₦281.36. Ìṣirò méjèèjì péye. Ohun tó yẹ ni kí ilé-iṣẹ́ mú ọ̀kan, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí rìsíìtì àti ìwé ìṣirò sì jọ máa lo ọ̀kan náà.

Yíyí irú òpó àpapọ̀ yẹn padà sí `numeric` kò ní dá ₦5 padà, torí pé iye tó ti yẹ̀ ló máa gbé wọlé. Kódà, PostgreSQL ń mú dígíìtì mẹ́fà péré nígbà tó bá ń sọ `real` di `numeric`, kọ́bọ̀ tó kù á sì lọ pẹ̀lú. Àwọn ìlà ìfowóránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ká padà sí. Níbi tí ₦26.88 wà ní òun nìkan, àlàfo ṣì kéré gan-an, iye náà ṣì wà níbẹ̀ tí a bá sún un sí kọ́bọ̀:

```sql
SELECT sum(round(owo::numeric, 2)) FROM owo_ise;
```

Ohun tí èyí bá gbé jáde ni àpapọ̀ tòótọ́. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín òun àti àpapọ̀ àtijọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé bí ìlà àtúnṣe tó dá dúró, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìdí rẹ̀, dípò kí wọ́n kàn pa iye àtijọ́ rẹ́.