"Màmá mi kú, mò ń lọ sílé": ṣé ó tó láti fi gba àyè níbi iṣẹ́?

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbà pé bí ìyá àgbà bá ti kú, òfin ti fún àwọn láyè ọ̀fọ̀, pé kí àwọn ṣáà ti sọ fún máníjà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1974 sọ nípa ìsinmi ọdọọdún, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6 lẹ́yìn oṣù 12. Ó sọ nípa àìsàn àti ìbímọ. Kò dárúkọ ọ̀fọ̀ rárá. Ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ yín ló kù, tàbí àánú ọ̀gá. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọkọ tàbí aya, ọmọ, bàbá àti ìyá ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dojú rú fún àwa tí a ń pe ìyá àgbà ní "Màmá". Àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà ní Iléṣà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n pè é pé màmá ti lọ, ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé: "Sà, màmá mi kú, mò ń lọ sílé." Kò parọ́. Ṣùgbọ́n máníjà gbà pé ìyá tó bí i ni, ó fún un ní ọjọ́ 5. Kò pẹ́ tí ìyá tó bí i fi wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Kúẹ́rì ló tẹ̀lé e. Ó dùn mí, torí ọmọ náà kò ní ẹ̀tàn nínú.

Ohun tó yẹ kó kọ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ìyá tó bí ìyá mi, tó tọ́ mi láti kékeré, jáde láyé ní Iléṣà láàárọ̀ yìí. Ọ̀sán òní la máa sin wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ń tọrọ àyè òní àti ọ̀la. Màá wọṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Mo tún ń tọrọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, torí fídáù. Bí kò bá sí àyè ọ̀fọ̀ fún ìyá àgbà, ẹ bá mi yọ ọ́ nínú ìsinmi ọdún mi. Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù wà lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́."

Mùsùlùmí ni màmá, ìdí nìyẹn tí ìsìnkú fi bọ́ sí ọjọ́ náà gan-an. Bó bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, tí òkú máa wà ní mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọjọ́ kan tó láti lọ bá ẹbí jókòó. Ẹ fi ìyókù pa mọ́ de ìsìnkú, kí ẹ sì sọ ọ́ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́.

Bí ọ̀gá kò bá fèsì kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ pè é. Dídákẹ́ rẹ̀ kọ́ ni ìyọ̀ǹda.