Bí lẹ́tà ìtọrọ ẹ̀yáwó fún agbo ewúrẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ ní báńkì

Lẹ́tà tí ọ̀dọ́ àgbẹ̀ kan tó ń sin ewúrẹ́ ní Ìpájá bá kọ sí máníjà báńkì kì í sábà parí ìrìn rẹ̀ lórí tábìlì máníjà. Ní ọ̀pọ̀ báńkì, máníjà ẹ̀ka á kọ èrò tirẹ̀ mọ́ ọn, á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ ẹ̀yáwó wò ní olú ilé iṣẹ́, bóyá ní Màrínà ní Erékùṣù Èkó. Ẹni tí yóò kà á níbẹ̀ lè máà tíì fọwọ́ kan ewúrẹ́ rí, àfi èyí tí wọ́n ti sun tán. Ohun tí àgbẹ̀ rò pé gbogbo ayé ti mọ̀ nípa ẹran gan-an ni lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ sọ.

Èyí tó ṣe kókó jù nínú rẹ̀ ni àkókò. Oníṣòwò tó kó ọjà ní Ìdúmọ̀tà lónìí lè ti rí owó lórí rẹ̀ kí oṣù tó yí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yáwó fi ń béèrè owó ìdápadà láti oṣù kejì. Ewúrẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún rẹ̀ nìkan gba nǹkan bí 150 ọjọ́, ọmọ yóò mu ọmú fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì tó oṣù mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá kó tó ní ara tí oníbàárà yóò fi owó gidi rà á. Àgbẹ̀ tó bá tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀yáwó oníṣòwò yóò máa ta abo tó fi owó báńkì rà láti fi san gbèsè owó náà, agbo yóò sì padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú èlé lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká mú àgbẹ̀ kan tó ní abo méjìlá àti òbúkọ kan, tó fẹ́ fi abo mẹ́wàá kún un. Ká ní abo kan jẹ́ ₦50,000, mẹ́wàá jẹ́ ₦500,000. Àfikún ilé ẹran jẹ́ ₦120,000. Oúnjẹ àti abẹ́rẹ́ jẹ́ ₦80,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦700,000. Bí ó bá rà wọ́n ní oṣù kìíní, tí òbúkọ gùn wọ́n ní oṣù kejì, wọn yóò bí ní oṣù keje. Ìrètí tí kò ní àsọdùn ni pé lẹ́yìn èyí tó bá kú, ọmọ mọ́kànlá ni yóò kù, wọn yóò sì tó ọjà ní oṣù karùn-ún ọdún kejì. Ìbí kejì yóò bọ́ sí nǹkan bí oṣù kẹta ọdún náà, ọmọ rẹ̀ yóò sì bá ọjà Kérésìmesì. Ní ₦40,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìtà kan jẹ́ ₦440,000. Ìyẹn lè san ìdajì ojú owó, kó sì ṣẹ́ ₦90,000 kù fún oúnjẹ.

Èlé ni kò lè dúró de ìbí. Bí ó bá jẹ́ ₦15 lórí ₦100 lọ́dún, ₦8,750 ni ti oṣù kan, inú agbo àtijọ́ ló sì gbọ́dọ̀ ti jáde. Ìwé àkọsílẹ̀ ìtà ọdún tó kọjá ló ń jẹ́rìí sí èyí. Ìpínrọ̀ tó sọ èyí nínú lẹ́tà lè lọ báyìí:

“Mo bẹ̀ yín, sà, kí ẹ jẹ́ kí n máa san èlé láti oṣù kìíní nínú owó ẹran mi àtijọ́, kí n sì san ojú owó lẹ́ẹ̀mejì, ìdajì ní oṣù karùn-ún ọdún kejì, ìdajì ní oṣù Kejìlá. Títí n ó fi san án tán, n kò ní ta ọ̀kankan nínú abo tí mo bá fi owó yín rà.”

Ìbéèrè tó kù ni ikú. Àrùn tí wọ́n ń kọ ní PPR sójú káàdì abẹ́rẹ́ lè gbá agbo lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan: ojú àti imú á máa ṣomi, ẹnu á bó, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀lé e. Ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ọjà ló sábà máa ń gbé e wọlé. Lẹ́tà tó bá sọ pé abo tuntun yóò dá wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn tí dókítà ẹran bá ti fún agbo àtijọ́ lábẹ́rẹ́, tí a sì so ẹ̀dà káàdì náà mọ́ ọn, ti dáhùn kí wọ́n tó béèrè. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìdójútòfò fún àgbẹ̀, NAIC, náà wà fún èyí, báńkì sì lè ní kí àgbẹ̀ gba ìwé rẹ̀ kó tó gba owó.

Lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ báńkì yóò wá ka ẹran. Bí lẹ́tà bá ní méjìlá, tí ó sì bá mẹ́sàn-án nítorí pé wọ́n ta mẹ́ta fún ayẹyẹ, kí àgbẹ̀ ti kọ̀wé fi tó máníjà létí ṣáájú ọjọ́ náà.